Lísìtì ṣíṣí àti títì ní búkà: orí ìkòkò alẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Ní búkà kékeré tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún, irú èyí tó pọ̀ ní Tànkẹ̀ nílùú Ìlọrin, lísìtì tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀: gbálẹ̀, nu tábìlì, tan gáàsì. Àmọ́ alẹ́ àná gan-an ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀, àṣìṣe tí wọ́n bá sì ṣe síi lálẹ́, iná àárọ̀ ò lè tún un ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe rèé: wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná kó hó dáadáa, wọ́n á dé e pa, ó di àárọ̀ lórí sítóòfù, wọ́n á tún gbé e hó, wọ́n á ní ṣebí ó ti hó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n máa ń di bíi hóró nínú ọbẹ̀ ẹran, híhó ò pa hóró yẹn, tí ọbẹ̀ bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ hóró á là á sì máa bí sí i. Láàárín ìwọ̀n 60 sí 5 Sẹ́síọ̀sì ni wọ́n ti ń gbèrú, ìkòkò ńlá tí wọ́n dé pa sì lè wà láàárín ìwọ̀n yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́, pàápàá nígbà ooru oṣù kẹta. Ti ìrẹsì le jù, torí kòkòrò tiẹ̀ lè tu májèlé sínú ẹ̀ tí gbígbóná ò ní pa, ìrẹsì ọ̀hún lè má rùn, kó má kan, síbẹ̀ kó mú èèyàn bì.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ lórí lísìtì títì ni ìkòkò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan abọ́ kankan, torí pé á máa tutù lọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan yòókù. Ká ní aago mẹ́jọ àbọ̀ lù tí ọbẹ̀ ata bíi lítà mẹ́wàá ṣẹ́kù. Wọn ò ní fi sínú ìkòkò kan ṣoṣo, wọ́n á pín in sínú àwọn pánù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí jíjìn ẹ̀ má ju ìka mẹ́ta tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ, wọ́n á gbé pánù sínú agbada omi tí wọ́n kó píọ̀wọ́tà tó ti dì sí, wọ́n á máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án àbọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ pánù níta: tí kò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́, fíríjì ló kàn, lókè ẹran tútù kí omi ẹ̀jẹ̀ má baà kán sí i. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ látìgbà tó ti kúrò lórí iná. Ọbẹ̀ gbígbóná ò gbọdọ̀ wọ fíríjì kékeré ní tààràtà, á mú gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ gbóná. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ò yẹ ní títọ́jú rárá, kí wọ́n sè é níba, kí wọ́n da èyí tó kù nù.

Lẹ́yìn náà gáàsì: orí sílíńdà ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì nígbà tí iná ṣì ń jó, kí iná kú fúnra ẹ̀, kí wọ́n tó wá ti nọ́ọ̀bù sítóòfù, kí gáàsì má baà ṣẹ́kù nínú róòbà.

Tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lóru ńkọ́? Kí wọ́n fi ife omi sínú fríísà kó dì, kí wọ́n wá gbé kọ́ìnì lé e lórí. Tí kọ́ìnì bá wà nísàlẹ̀ láàárọ̀, yìnyín ti yọ́ lóru kó tó tún dì, kódà kí ẹran le gbagidi lójú. Fríísà nìkan ni kọ́ìnì lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ o, ti fíríjì gba tẹmómítà, 5 tàbí kó dín.

Ẹni tó bá ṣí láàárọ̀ á kọ́kọ́ ṣí wíńdò àti ilẹ̀kùn kó tó tan nǹkankan, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fara pamọ́ sí. Á wá wo fíríjì. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá mú jáde, ìwọ̀nba tí wọ́n máa tà ni, kó hó títí dé àárín pẹ̀lú rírò, ẹ̀ẹ̀kan péré, èyí tó bá tún ṣẹ́kù lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ padà wọ fíríjì.

Ṣùgbọ́n lísìtì tó bá jẹ́ pé máàkì nìkan ni wọ́n ń fi sí i ò wúlò, torí ẹni tó ti rẹ̀ á fi bíró fa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi ilẹ̀kùn. Aago ni kí wọ́n máa kọ: aago tí wọ́n pín ọbẹ̀, aago tó wọ fíríjì, àti orúkọ ẹni tó gbé e wọ̀. Ìwé yìí ni ẹni tó bá ṣí láàárọ̀ máa kà kó tó gbé ìkòkò, tó bá sì rí i pé ibi aago fíríjì ṣófo tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìgbà tó wọlé, á da ọbẹ̀ ọ̀hún nù, ì báà rùn ì báà má rùn, á sì ti gbé ata tuntun kaná kó tó di aago méje.