Fáànù tí kò gbọ́ àṣẹ BIOS

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ki fáànù àpótí kọ̀ǹpútà mi, oníwáyà mẹ́ta, bọ CHA_FAN1 tó ní pínnì mẹ́rin lórí bọ́ọ̀dù. Eré àsápajúdé ló ń sá, bí mo tilẹ̀ ti dín in kù nínú BIOS. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní máa pariwo?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé PWM ni wọ́n yàn fún CHA_FAN1. Nínú wáyà mẹ́ta yẹn, ọ̀kan jẹ́ áàtì, ọ̀kan ń gbé iná fóòtì 12, ẹ̀kẹta sì ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù mọ iye ìgbà tí fáànù ń yí. Pínnì kẹrin ni àṣẹ PWM ń gbà: iná kékeré kan tí ń tàn tí ń kú ní nǹkan bí ìgbà 25,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí fáànù sì fi ń mọ eré tó yẹ kó sá. Ní gbogbo àkókò yìí, fóòtì 12 kò yí padà. Nítorí pé fáànù yín kò ní wáyà kẹrin, àṣẹ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ẹ yí CHA_FAN1 sí DC, kí bọ́ọ̀dù lè máa dín fóòtì fúnra rẹ̀ kù. Bí iye RPM tó wà lójú BIOS bá wálẹ̀, ó ti gbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n DC ní ibi tó mọ, nítorí pé fáànù tó ti dúró nílò iná ju èyí tó ti ń yí lọ. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí RPM yóò fi di 0, kí ẹ sì tún gbé e sókè títí yóò fi gbéra fúnra rẹ̀. Ká ní ó dúró ní 35%, tó sì gbéra ní 45%, ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 50%, èyí tó jẹ́ nǹkan bí fóòtì 6.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní 50% títí ooru CPU yóò fi dé 55°C, kó dé 65% ní 70°C, kó sì dé 100% ní 85°C. Ariwo tó ń lọ sókè sódò ló máa ń bí èèyàn nínú jù, ní tèmi, ó sì sábà máa ń wáyé nítorí pé ooru CPU lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ṣí ètò kan, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú àpótí kò tíì gbóná. Nítorí náà, bí BIOS yín bá gbà á, ẹ jẹ́ kí fáànù àpótí máa wo ooru bọ́ọ̀dù dípò ti CPU, kí ẹ sì dín àwọn ìwọ̀n ooru tí mo kọ sókè yìí kù bákan náà, torí pé bọ́ọ̀dù kì í gbóná tó CPU. Bí kò bá gbà á, ẹ fi ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún sí i kó tó sáré. Ẹ má ṣe fi irú ìdádúró gígùn bẹ́ẹ̀ sí CPU_FAN, ẹ má sì dín eré tirẹ̀ kù jù, torí pé àwọn bọ́ọ̀dù kan yóò kọ `CPU Fan Error` sójú, wọn kò sì ní tẹ̀ síwájú.