Èdè ọ̀wọ̀ nínú lẹ́tà ìtọrọ àyè láti dí òpópónà (Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ)

Lẹ́tà ìtọrọ àyè láti dí òpópónà ni ìwé tí ẹbí, ẹgbẹ́ tàbí ìjọ máa ń kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta kánọ́pì sí ojú títì fún òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí àpèjọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà ní Ìjẹ̀bú. Lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sì yàtọ̀ sí bí a ṣe ń bẹ àgbà ní ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ irú ìwé yìí, àmọ́ ẹni tí ó bá fi Yorùbá kọ ọ́ ní ìlànà tirẹ̀ láti tẹ̀ lé, ìlànà yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń fi hàn pé ènìyàn mọ ohun tí ó ń ṣe ni pé kí lẹ́tà náà lọ sí ibi tí agbára rẹ̀ wà. Òfin ọdún 1998 tí ó ka àwọn owó orí àti owó ìjọba tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà fi owó àríyá àti owó dídí òpópónà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní agbègbè yìí, ìyẹn túmọ̀ sí ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ti Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú Òde àti Odògbolú títí dé etí omi ní Abígi, tàbí ọ̀kan nínú mẹ́ta ti Rẹ́mọ, tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìsàrà. Ibi tí òpópónà náà wà ni a ó wò, kì í ṣe ìlú tí ẹbí ti wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó ń ṣe ìnáwó ní Ṣágámù, ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù ni yóò kọ̀wé sí. Títì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tí ó ti Ṣágámù gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀, kò sí lára ohun tí alága ìjọba ìbílẹ̀ lè yọ̀ǹda fún àríyá, bí ó ti wù kí èdè lẹ́tà náà dùn tó.

Ipò ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ènìyàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ta kókó ní Ìjẹ̀bú, nítorí pé ìlú kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní mọra. Alága lè jẹ́ ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń kọ̀wé, olórí òṣìṣẹ́ sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní òde ìnáwó, “ẹ̀gbọ́n mi” tàbí “bọ̀dá” tọ́, orúkọ ẹgbẹ́ náà sì tọ́. Nínú lẹ́tà, “Alága, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Òde” ni a ó kọ, ìkíni yóò sì jẹ́ “Alàgbà” fún ọkùnrin tàbí “Ìyáàfin” fún obìnrin. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́tà náà kò ní dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Yóò wọ fáìlì, òṣìṣẹ́ mìíràn yóò kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀, ẹni tí kò mọ ẹbí náà rí ni yóò sì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà” tí ó wà lórí ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kó ìtìjú bá ẹni tí a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún, nítorí yóò dà bí ẹni pé torí ìbátan ni ó fi fọwọ́ sí i. Bákan náà ni oríkì ìlú àti “kábíyèsí” kò ní ipò nínú rẹ̀. Ọba ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀, alága kì í ṣe ọba.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ gba àkíyèsí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka-èdè ti fi hàn pé nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìjẹ̀bú wà lára wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ṣe iṣẹ́ “ẹ” àti “wọ́n”. Wọ́n sì so ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ní ìhà Ọ̀yọ́ mọ́ àṣà fífi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Nítorí náà, Ìjẹ̀bú tí ó ń fi ohùn ilé kọ̀wé lè kọ ohun tí kò ní àbùkù kankan létí tirẹ̀, síbẹ̀ kí akọ̀wé tí ó wá láti Abẹ́òkúta kà á sí àfojúdi. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a ó fi kọ ọ́: “ẹ”, “yín” àti “ẹ̀yin” láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi “ẹ” bẹ̀rẹ̀, kí “rẹ” sì yọ lójijì, bí i “ẹ jọ̀wọ́, inú wa yóò dùn sí èsì rẹ”. Ó dára láti ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀kan kí a sì máa wá “o” àti “rẹ” nìkan. Òkú tàbí òbí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà gba “wọ́n”, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ̀wé kì í pe ara rẹ̀ ní “àwa” àfi bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ẹbí.

Àpẹẹrẹ yìí jẹ́ ti ẹbí kan tí ó fẹ́ sin ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú Òde. “Lágbájá” dúró fún orúkọ òpópónà.

Ilé 9, Òpópónà Lágbájá,
Ìjẹ̀bú Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2026.

Alága,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Òde,
Ìjẹ̀bú Òde.

Alàgbà,

ÌTỌRỌ ÀYÈ LÁTI DÍ APÁ KAN ÒPÓPÓNÀ LÁGBÁJÁ NÍ ỌJỌ́ 12, OṢÙ KEJÌLÁ, ỌDÚN 2026

Mo ń kọ̀wé yìí ní orúkọ ẹbí wa, láti fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí a lè dí apá kan Òpópónà Lágbájá fún ìnáwó ìsìnkú ìyá wa.

Ọjọ́ tí a ń tọrọ ni Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kánọ́pì kò ní kọjá iwájú ilé 5 sí iwájú ilé 13. Orí òpópónà méjèèjì yóò ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọlé. A ti bá àwọn aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

A ṣe tán láti san owó tí ìjọba ìbílẹ̀ là sílẹ̀, kí a sì gba rìsíìtì rẹ̀. A ó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Bí ọjọ́ tàbí àkókò yìí kò bá bọ́ sí i, a ó dúpẹ́ bí ẹ bá lè jẹ́ kí a tètè mọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(ìbuwọ́lùwé, orúkọ, nọ́ńbà fóònù)

Ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú lẹ́tà yìí kò pọ̀ ní iye ọ̀rọ̀. “Fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ” jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó. Èyí tí ó kù wà nínú bí a ṣe to ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ilé, aago àti orí òpópónà tí ó ṣí sílẹ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè pinnu láìránṣẹ́ pè ẹnikẹ́ni, ọ̀wọ̀ ńlá sì ni kí a má fi àkókò oníṣẹ́ ṣòfò. Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ni ó ṣe pàtàkì jù lójú òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí. Òun ni ó gbà ní gbangba pé ọ́fíìsì náà lè kọ̀, àti pé ẹbí mọ̀ pé àyè ni àwọn ń tọrọ.

Ibi tí lẹ́tà ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyẹn gan-an. Bí ẹbí bá kọ ọ́ pé “a fi èyí sọ fún yín pé a ó dí òpópónà, a sì ti pín ìwé ìpè”, wọn kò tọrọ nǹkan kan, ìfilọ̀ ni wọ́n ṣe. “Ẹ jọ̀wọ́” mẹ́wàá tí ó bá tẹ̀ lé e kò lè tún un ṣe. Àṣìṣe kejì ni àsọdùn ẹ̀bẹ̀: “a dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, a wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá.” Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi ara ṣe níwájú àgbà ni wọ́n gbé sórí ìwé, ó sì ń bo ọjọ́ àti ibi tí òṣìṣẹ́ ń wá mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì. “A ó wá rí yín” àti “a ò ní gbàgbé yín” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lásán lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lójú agbo. Nínú lẹ́tà sí ọ́fíìsì, rìbá ni wọ́n ń tọ́ka sí, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ìwé náà, èyí tí kì í ṣe olóòótọ́ yóò sì máa dúró de ohun tí a ṣèlérí. Gbólóhùn owó àti rìsíìtì inú àpẹẹrẹ òkè yìí ni ó ń gba ipò wọn: ó sọ̀rọ̀ owó, àmọ́ owó ìjọba ni. Dídárúkọ ènìyàn ńlá, “olóyè kan báyìí ni àlejò pàtàkì wa”, tún jẹ́ ìhalẹ̀ tí a fi aṣọ ọ̀wọ̀ bò.

Ẹ̀dà méjì ni a ń gbé lọ. Ọ́fíìsì yóò gba ọ̀kan, wọn yóò sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí èkejì fún ẹni tí ó gbé e wá. Bí wọn kò bá lù ú, ó tọ́ kí a béèrè, kò sì ní àfojúdi nínú: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa.” Déètì orí òǹtẹ̀ yẹn ni lẹ́tà ìránnilétí yóò dúró lé bí èsì bá pẹ́. “Ẹ kò dá wa lóhùn” ń fi ẹ̀sùn kan ọ́fíìsì, “a kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹ lu òǹtẹ̀ sí wà pẹ̀lú èyí” sì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí akọ̀wé rí fáìlì náà. Ìránnilétí kì í tún àlàyé ìnáwó ṣe. Ó ń sọ déètì lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ń sọ ọjọ́ tí ó kù, ó sì ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Bí èsì bá sọ pé kí ìnáwó parí ní aago mẹ́rin dípò mẹ́fà, ẹbí lè kọ̀wé padà lẹ́ẹ̀kan láti sọ ìdí tí wákàtí méjì yẹn fi ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì gba ohun tí ìdáhùn kejì bá sọ. Wákàtí tí ó wà nínú ìwé àṣẹ ni a ó sọ fún onílù àti ẹni tí ó ń ta kánọ́pì, nítorí òun ni àwọn ọlọ́pàá tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò béèrè láti rí.