Mímọ ọjọ́ orí ìgò àtijọ́ láti inú fọ́tò

Ohun tí à ń kọ́kọ́ wò nínú fọ́tò ìgò àtijọ́ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbi tí apá méjèèjì mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tó ń fún dígí gbígbóná ní ìrísí ìgò, ti pàdé. Ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìgò gòkè. Ibi tó parí sí lókè ló ń sọ bóyá ènìyàn ló fẹnu fẹ́ ìgò náà tàbí ẹ̀rọ ló ṣe é.

Bí wọ́n bá fẹnu fẹ́ ìgò nínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á gé e kúrò lára irin tí wọ́n fi fẹ́ ẹ, wọ́n á tún fi iná mú ẹnu rẹ̀ rọ̀, wọ́n á wá fi irinṣẹ́ yí i po títí yóò fi ní ètè. Yíyí yẹn ló ń pa ìlà rẹ́ lọ́rùn, nítorí náà ìlà kì í dé ètè. Ní ti ẹ̀rọ, inú mọ́ọ̀dù ni ètè fúnra rẹ̀ ti ń jáde, ìlà a sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tí Michael Owens ṣe ní Amẹ́ríkà ló mú èyí gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1903. Ó sábà máa ń fi àpá róbótó sí ìdí ìgò. Àwọn kan gbà pé bí ìlà bá ṣe ga tó ni ìgò ṣe jẹ́ tuntun tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí irinṣẹ́ dé nìkan ni gíga ìlà ń fi hàn.

Ìgò tí kò ní ìlà rárá náà lè tanni jẹ. Wọ́n máa ń yí ìgò wáìnì mìíràn nínú mọ́ọ̀dù kí ara rẹ̀ lè dán, ìlà a sì pa rẹ́. Ẹ wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí ara rẹ̀ po: yíyí yẹn ló ń fi wọ́n síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ fọ́tò kan wò: ìgò tó ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ètè tó gba ìdérí onírin eléyín, ìlà tó pòórá nísàlẹ̀ ètè. William Painter gba ẹ̀tọ́ sí irú ìdérí yìí lọ́dún 1892, nítorí náà ìgò náà kò lè ṣáájú ìgbà yẹn. Ìlà tó pòórá fi hàn pé ọwọ́ ló parí ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó fi máa di 1920. Àwọ̀ náà bá a mu: manganíìsì, èròjà tí wọ́n ń fi sínú dígí kó má bàa ní àwọ̀, ló ń mú kí oòrùn sọ dígí di elésè àlùkò. Tí kò bá sí lẹ́tà tó yọ lára rẹ̀ tó tako èyí, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1892 sí 1920. Lẹ́tà lè dín àlàfo kù gan-an: ìgò ọtí líle Amẹ́ríkà tó kéde pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n tún un tà tàbí tún un lò jẹ́ ti 1935 sí 1964.

Àwọ̀ ni ká gbẹ́kẹ̀ lé kẹ́yìn. Iná kámẹ́rà máa ń yí i padà, àwọn oníṣòwò kan sì ń fi ìtànṣán sọ ìgò di elésè àlùkò tó dúdú ju èyí tí oòrùn ń ṣe lọ. Iná kámẹ́rà kan náà máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tún un yà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sún mọ́ ọrùn àti ìdí rẹ̀.