Ímeèlì mẹ́ta tí a fi ń sin owó ọjà

Bí ọjọ́ ìsanwó orí ínfọ́ìsì bá ti kọjá tí oníbàárà kò sì tíì san, ìránnilétí là ń fi ránṣẹ́ sí i, mẹ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́. Ohùn wọn ń le sí i ni, àmọ́ ohun tí a ń béèrè gan-an ló yàtọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń ta páálí fún ilé-iṣẹ́ kan. Ínfọ́ìsì 214 jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, wọ́n fún oníbàárà ní 30 ọjọ́, ọjọ́ 31 ni owó yẹ kó wọlé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ó kọ̀wé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A ò tíì rí owó ínfọ́ìsì 214 gbà. Mo tún fi ínfọ́ìsì náà há ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó?” Ìbéèrè yẹn ni ọkàn ìwé náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹni tó ra ọjà ni ínfọ́ìsì há sí, kò gbé e fún akáúńtáǹtì. Nígbà mìíràn, nọ́mbà ìwé ìrajà wọn ni kò sí lórí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 14, akáúńtáǹtì fúnra rẹ̀ ni ìwé kejì lọ bá, ọjọ́ ló sì ń béèrè: “Ọjọ́ wo lẹ máa san án? Bí ọjà tàbí ìṣirò bá ní àbùkù, ẹ sọ fún wa kó tó di ọjọ́ 17.” Bí wọ́n bá fèsì pé páálí mẹ́wàá tutù, ẹ dúró níbẹ̀. Àríyànjiyàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ yanjú mẹ́wàá yẹn, kí ẹ béèrè owó ìyókù. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa, torí ó fi hàn pé ẹ fún wọn láyè láti ṣàròyé.

Ìwé kẹta, ní ọjọ́ 30, dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn pẹ̀lú: “Bí owó náà kò bá wọlé títí di ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, a ò ní kó páálí mìíràn wá títí ẹ ó fi san án.” Ohun tí ẹ máa ṣe nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má mẹ́nu ba èlé bí àdéhùn yín tàbí òfin kò bá fàyè gbà á. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù pípàdánù oníbàárà ńlá máa ń ba olùtajà kékeré, àmọ́ bí ẹ bá di ẹrù tuntun fún wọn ní ọjọ́ 8, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dòfo, gbèsè sì ti pọ̀ sí i.

Bí ìdajì owó bá wọlé ṣáájú ọjọ́ 7, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì fi kún un pé ọjọ́ 7 kò yí padà.