Fífò súnmọ́ ilẹ̀ kọ́ ló ń mú máàpù oko dára

Ẹni tó bá ti gbé dírónù lọ sóko rí láti fi ya máàpù á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè rí ewé yẹn dáadáa." Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, torí ohun tó bá súnmọ́ ojú ni ojú ń rí yékéyéké. Bó bá jẹ́ fọ́tò ẹyọ kan la fẹ́ yà, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ fọ́tò tí kọ̀ǹpútà rán pọ̀ ni máàpù oko, ohun tí kọ̀ǹpútà sì ń wá kó tó lè rán wọn yàtọ̀ sí ohun tó ń dùn mọ́ wa lójú.

Àwọn kan rò pé ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́ fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tẹ́ ẹní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wá àmì: etí òkúta, ìdí kùkùté, ibi tí ọ̀nà ti yà, àbàwọ́n kan lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá àmì kan náà lọ nínú àwọn fọ́tò yòókù. Tó bá rí i nínú fọ́tò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n yà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á lè ṣírò ibi tí kámẹ́rà wà nígbà tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì mọ bí àmì náà ṣe ga tó. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì, ó ti mọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sókè sódò nìyẹn, á wá fi àwọ̀ àwọn fọ́tò bò ó lórí.

Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí fọ́tò gun orí ara wọn, bí páànù tí wọ́n kàn sórí ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń lò lórí oko ni pé kí fọ́tò gun èyí tó ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà tí dírónù ń fò gbà ní ìdá 80 nínú 100, kó sì gun ti ojú ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdá 70. Ó lè jọ pé à ń fi bátìrì ṣòfò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí àmì kò bá ti hàn nínú fọ́tò tó pọ̀, ihò ló máa ń wà nínú máàpù níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí dírónù bá sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ tí fọ́tò kan lè kó mọ́ra á kéré. Láàárín oko àgbàdo tó ti dí, fọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní ní nǹkan míì nínú ju àgbàdo lọ, ewé sì jọ ewé débi pé kọ̀ǹpútà kò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. Fọ́tò tí a yà láti òkè á rí oko náà, á sì tún rí ọ̀nà oko, kòtò omi tàbí igi kan tó dá dúró, nǹkan tí kò jọ òmíràn. Atẹ́gùn náà tún wà ńbẹ̀. Ká ní atẹ́gùn ti ewé kan ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín fọ́tò méjì. Bí píksẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú fọ́tò, bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.1 lórí ilẹ̀, bíi ti kámẹ́rà mi ní mítà 40, ewé náà ti fi píksẹ̀lì mẹ́sàn-án kúrò níbi tó wà. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.7, bíi ti mítà 100, kò ju bíi mẹ́rin lọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ewé ló mì. Ibi tí nǹkan wà ló ń ṣírò, ìṣirò náà á sì wọ́.

Oko kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Mi ò gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀: hẹ́kítà 10, mítà 400 ní gígùn, 250 ní ìbú. Ilẹ̀ ibẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, débi pé òkè oko fi mítà 15 ga ju ìsàlẹ̀ lọ, àwọn igi tó ga tó mítà 10 sì wà lókè náà. Kámẹ́rà mi jẹ́ ti píksẹ̀lì mílíọ̀nù 20, ojú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 13.2, ó gùn ní 8.8, awò rẹ̀ sì jìnnà sí ojú náà ní 8.8. Ìṣirò irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ rọrùn. Tí H bá dúró fún gíga dírónù ní mítà:

```
ìbú fọ́tò lórí ilẹ̀   = 1.5 × H
gígùn fọ́tò lórí ilẹ̀  = 1.0 × H
píksẹ̀lì kan (cm)      = 0.0274 × H
```

Ìsàlẹ̀ oko ni mo ti gbé dírónù dìde, mo sì ní kó fò ní mítà 40. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó mítà 60 sí 40. Bí mo ṣe yan ìdá 80 àti 70, ó ń ya fọ́tò ní gbogbo mítà 8, ojú ọ̀nà kan sì jìnnà sí èkejì ní mítà 18. Ojú ọ̀nà 15 ló já sí, fọ́tò 765. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni kámẹ́rà náà nílò láàárín fọ́tò kan àti èkejì, torí náà dírónù kò lè sáré ju mítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú 26. Mo ní láti pààrọ̀ bátìrì láàárín iṣẹ́, òòrùn sì ti yí díẹ̀ kí ó tó padà sókè, òjìji igi kò dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí máàpù jáde, ìsàlẹ̀ oko mọ́ gaara. Òkè oko bàjẹ́. Igi kan di méjì, ebè tó tọ́ wá rí bí ejò, ihò dúdú sì wà láàárín àwọn igi.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣẹ̀. Mítà 40 tí mo kọ sínú ètò ìrìn dírónù, láti ibi tí dírónù ti gbéra ni wọ́n ń kà á. Nígbà tó dé òkè, ilẹ̀ ti gba mítà 15 nínú rẹ̀, igi gba 10. Mítà 15 péré ló kù láàárín kámẹ́rà àti orí igi. Fọ́tò tó ń kó mítà 60 sí 40 nísàlẹ̀ wá ń kó mítà 22.5 sí 15 lórí igi, ṣùgbọ́n dírónù kò yí ìṣísẹ̀ rẹ̀ padà, mítà 8 àti 18 náà ló ń rìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: 8 nínú 15 jẹ́ nǹkan tuntun, torí náà ìdá 47 péré ni fọ́tò gun ara wọn síwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdá 20 ni. Ìdá 80 àti 70 tí mo rí lójú ẹ̀rọ, ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni. Mo tún dúpẹ́ pé dírónù náà kò kọlu igi.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo fò ní mítà 100. (Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, mítà 120 sí ilẹ̀ ni òfin fàyè gbà, torí náà ẹ yẹ ti ibi tí ẹ wà wò.) Ìdá 80 àti 70 kan náà ni mo yàn. Mítà 20 ló wà láàárín fọ́tò, 45 láàárín ojú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà 7, fọ́tò 147, bátìrì kan, kò sì tó ìṣẹ́jú 7 ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí igi òkè oko, mítà 75 ṣì kù, fọ́tò ń kó mítà 112.5 sí 75, torí náà wọ́n gun ara wọn ní ìdá 73 síwájú àti 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò kankan ò sí nínú máàpù náà.

Ká ní mo taku pé mítà 40 ni mo fẹ́, kí n lè rí ìdá 73 àti 60 yẹn lórí igi, mo ní láti máa ya fọ́tò ní gbogbo mítà 4, kí ojú ọ̀nà sì jìnnà síra ní mítà 9. Ìyẹn ni pé màá kọ ìdá 90 àti 85 sínú ètò ìrìn. Ojú ọ̀nà 29, fọ́tò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000, dírónù á sì máa rìn ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ohun tó lé ní wákàtí kan àtààbọ̀.

Ọ̀nà míì ni kí dírónù máa tẹ̀lé ilẹ̀ lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀ ètò ìrìn lè ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, mo sì ń lò ó lórí òkè gíga. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀lé kò ṣeé gbára lé fún orí igi, nítorí náà igi ni kí ẹ ṣì fi ṣírò bí fọ́tò á ṣe gun ara wọn. Tí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e dìde láti òkè oko dípò ìsàlẹ̀. Mítà 40 láti òkè oko mi yẹn ì bá fi mítà 30 sílẹ̀ lórí igi, ìyẹn nìkan sì ti tó láti dá ìdá 73 àti 60 padà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ oko á wá jìnnà ní mítà 55, píksẹ̀lì ibẹ̀ á tóbi ju ti òkè lọ.

Bí ẹ bá ń fi OpenDroneMap rán fọ́tò, ìròyìn tó ń kọ lẹ́yìn iṣẹ́ ní àwòrán kan tó ń fi hàn iye fọ́tò tó rí ibì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó pọ́n ni fọ́tò méjì péré ti rí, ibi tó ní àwọ̀ ewé ni márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti rí. Mo máa ń ṣí i kí n tó wo máàpù fúnra rẹ̀. Tí ibi pípọ́n bá wà ní etí oko nìkan, kò sí wàhálà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tó bá wà láàárín, lórí igi tàbí lórí òkè, ìṣòro mi yẹn ni. Ẹ lè fi `--min-num-features 20000` dípò 10000 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè wá àmì púpọ̀ sí i. Ó ti gba àwọn fọ́tò kan là fún mi, àmọ́ kò lè dá fọ́tò tí a kò yà.

Àkókò wà tí fífò súnmọ́ ilẹ̀ tọ́. Ohun tó kéré jù tí ẹ fẹ́ rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlàfo sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín àgbàdo lẹ fẹ́ kà, mítà 100 fún yín ní píksẹ̀lì mẹ́sàn-án lórí àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó pọ̀ tó. Bó bá jẹ́ irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí ewé rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ nílò píksẹ̀lì sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn bíi mítà 36. Ilẹ̀ ṣì fojú hàn nígbà yẹn, ewé kò tíì pọ̀ tí atẹ́gùn máa mì, òkúta àti ebè sì ń fún kọ̀ǹpútà ní àmì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì ń sọ̀kalẹ̀ fún, lórí apá oko tó tẹ́jú tí kò sí igi, tí màá sì fò gbogbo oko ní mítà 100 lọ́tọ̀.