Ẹ̀rọ Kan, Ìṣirò Méjì: Bí Iye Ohun Èlò Ṣe Ń Dínkù Nínú Ìwé

Bí ilé-iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ tí yóò lò fún ọdún púpọ̀, kì í ka gbogbo owó rẹ̀ sí ìnáwó ọdún tí ó rà á. Ńṣe ni a máa ń pín owó náà sórí àwọn ọdún tí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́, ìpín ọdọọdún yìí ni àwa oníṣirò owó sì ń pè ní ìdínkù iye. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù láti pín in. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ìpín-dọ́gba, tí iye kan náà fi ń lọ lọ́dọọdún. Èkejì ni ọ̀nà ìyókù, níbi tí a ti ń yọ ìdá kan pàtó kúrò lára ohun tó ṣẹ́kù nínú ìwé, tí ohun tí a ń yọ fi ń kéré sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn oníbàárà mi sábà máa ń béèrè èyí tó ń jẹ owó jù nínú méjèèjì. Kò sí èyí tó jù. Ìgbà tí owó náà ń jáde nínú ìwé ni wọn kò fi bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí a rà ní 1,000,000, tí a retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, tí a ó sì lè tà ní 100,000 lẹ́yìn náà. Fún ìpín-dọ́gba, a ó yọ 100,000 kúrò lára 1,000,000, a ó sì pín 900,000 tó kù sí ọ̀nà 5, yóò jẹ́ 180,000 lọ́dún. Fún ọ̀nà ìyókù, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń ṣe ìlọ́po méjì ìdá ti ìpín-dọ́gba: ọdún 5 túmọ̀ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nítorí náà ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó máa yọ.

| Ọdún | Ìpín-dọ́gba: ìdínkù | Ìpín-dọ́gba: ìyókù | Ọ̀nà ìyókù: ìdínkù | Ọ̀nà ìyókù: ìyókù |
|---|---|---|---|---|
| 1 | 180,000 | 820,000 | 400,000 | 600,000 |
| 2 | 180,000 | 640,000 | 240,000 | 360,000 |
| 3 | 180,000 | 460,000 | 144,000 | 216,000 |
| 4 | 180,000 | 280,000 | 86,400 | 129,600 |
| 5 | 180,000 | 100,000 | 29,600 | 100,000 |

Ẹ wo ọdún karùn-ún lápá ọ̀tún dáadáa. Ìdá 40 lára 129,600 jẹ́ 51,840, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ìyókù yóò bọ́ sísàlẹ̀ 100,000 tí a retí láti tà á. Ìdí nìyí tí a fi dúró sí 29,600. Ní ọ̀nà yìí, a kì í kọ́kọ́ yọ iye títà kúrò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìpẹ̀kun tí a kò gbọdọ̀ kọjá ló jẹ́. Mo ti rí ìwé kan tí akọ̀wé ti ń yọ ìdá 40 lára iye tí wọ́n ra ẹ̀rọ lọ́dọọdún, dípò lára ìyókù. Ó rọrùn láti dá àṣìṣe yìí mọ̀: 400,000 kan náà ló tò léra wọn lọ́dún àkọ́kọ́ àti ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí iye ọ̀nà yìí dọ́gba láé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù ni ìgbà tí a bá ta ẹ̀rọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ká ní a tà á ní 450,000 ní ìparí ọdún kejì. Ẹni tó lo ìpín-dọ́gba ṣì ní 640,000 nínú ìwé, nítorí náà yóò kọ àdánù 190,000. Ẹni tó lo ọ̀nà ìyókù ní 360,000 péré, yóò sì kọ èrè 90,000. Àmọ́ ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ti àkọ́kọ́, ìdínkù 360,000 pẹ̀lú àdánù 190,000 jẹ́ 550,000, ti èkejì, ìdínkù 640,000, tí a bá yọ èrè 90,000 kúrò, jẹ́ 550,000 kan náà. Èrè 90,000 yẹn kì í ṣe owó tuntun rárá. Ohun tí a ti yọ jù sẹ́yìn ló padà wálé, kò sì yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tìtorí rẹ̀ pín owó fún ẹnikẹ́ni.

Èwo ni kí a wá mú? Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní IAS 16 sọ pé kí ọ̀nà tí a yàn bá bí àǹfààní ohun èlò náà ṣe ń tán mu. Kọ̀ǹpútà tó wúlò jù ní ọdún méjì àkọ́kọ́ bá ọ̀nà ìyókù lọ. Àga àti tábìlì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́ bá ìpín-dọ́gba lọ. Èmi kì í fara mọ́ kí a yan ọ̀nà nítorí èrè tí a fẹ́ fi han ẹni tí yóò yá wa lówó. Ìlànà náà tún ní kí a yẹ ọ̀nà tí a ń lò wò, ó kéré tán, ní ìparí ọdún ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí i pé ọ̀nà ti yẹ kó yí padà, láti ọdún tí a wà ní ìyípadà yóò ti bẹ̀rẹ̀, lórí iye tó ṣẹ́kù nínú ìwé. A kì í padà lọ tún ìṣirò àwọn ọdún tó ti kọjá ṣe.