Ìdá ìkópa mi já wálẹ̀ lóṣù ọdún Ọ̀ṣun: ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àdìrẹ ni mò ń tà l'Óṣogbo, orí Instagram sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń bá mi. Lóṣù Agẹmọ, ìdá ìkópa mi jẹ́ 11.5%. Nígbà tí oṣù Ògún dé tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, ó já sí 4%, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn ń béèrè owó aṣọ jù. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe? Kí ló sì yẹ kí n máa kọ sílẹ̀ lóṣooṣù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti wo ìṣirò tó o fi ránṣẹ́. Kò já wálẹ̀ rárá.

Pósítì méjì lo gbé jáde lóṣù Agẹmọ. Èèyàn 200 ló rí èkíní. Tí a bá ro láìkì, kọ́mẹ́ǹtì, ṣíà àti iye ìgbà tí wọ́n fi í pamọ́ pọ̀, èyí tí à ń pè ní ìkópa, ó jẹ́ 40, ìyẹn 20% àwọn tó rí i. Èèyàn 4,000 rí èkejì, ìkópa rẹ̀ sì jẹ́ 120, ìyẹn 3%. O wá ro 20 mọ́ 3, o pín in sí méjì. Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́: pósítì tí igba èèyàn rí wá lágbára tó èyí tí ẹgbàajì rí. Ìkópa ni kó o kọ́kọ́ rò pọ̀, kó o ro àwọn tó rí i pọ̀ lọ́tọ̀, kó o tó pín: 160 nínú 4,200, ìyẹn 3.8%.

Lóṣù Ògún, èèyàn 9,000 rí fídíò tó o ti ń fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, ìkópa 360. Èèyàn 1,000 rí àwòrán ìró tuntun, ìkópa 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400 nínú 10,000, ìyẹn 4%. Má fi ìyàtọ̀ 3.8 sí 4 yangàn o, ó kéré jù. Iye èèyàn tó rí ọjà rẹ ló fò sókè.

Nínú Excel tàbí Google Sheets, tí iye àwọn tó rí i bá wà ní òpó B, tí ìkópa wà ní òpó C:

```
=SUM(C2:C3)/SUM(B2:B3)
```

Má kàn tọ́jú ìdá nìkan, nítorí 11.5% kò lè sọ fún ẹ mọ́ pé igba èèyàn ló wà nídìí rẹ̀. Fún pósítì kọ̀ọ̀kan, kọ ọjọ́ tó jáde, iye èèyàn tó rí i, àti láìkì, kọ́mẹ́ǹtì, ṣíà àti ìfipamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi máa ń wo ìfipamọ́ àti ṣíà ju láìkì lọ. Iye ìgbà tí wọ́n wò ó kì í ṣe iye èèyàn. Ẹnì kan lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bákan náà, ẹni tó rí pósítì méjèèjì ti wọ inú 10,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà má pè é ní iye èèyàn tó o bá pàdé lóṣù náà.

Ọjọ́ keje lẹ́yìn tí pósítì kọ̀ọ̀kan jáde ni kó o máa ka tirẹ̀. Tó o bá dúró di ìparí oṣù kó o tó ka gbogbo rẹ̀, èyí tó jáde lọ́jọ́ kejì oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù kan, èyí tó jáde lọ́gbọ̀njọ́ kò tíì rí ojú ayé. Èyí tó o bá sanwó polówó, yà á sọ́tọ̀.